Lẹ́tà sí àwọn ọmọ Màmá Ìyábọ̀ nípa àìsàn ọkàn tí a rí

Ẹ̀yin ọmọ Màmá Ìyábọ̀,

Ẹ kú àmójútó Màmá. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ohun tí a rí sílẹ̀ fún gbogbo yín, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní Ìbàdàn nígbà tí a gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù.

Àwòrán ọkàn tí a yà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fi hàn pé ọkàn Màmá kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ. Kì í ṣe pé ọkàn wọn ti dáwọ́ dúró. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga tí agbára rẹ̀ ti dín kù ni. Bí ọkàn tó dá ṣáṣá bá lù lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń ti ohun tó ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìdá 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ti Màmá ń tì jáde. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà lọ ń pé jọ sẹ́yìn, omi ara rẹ̀ sì ń jò sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ wọn fi wú, tí wọ́n fi ń mí hẹlẹ bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, àfi kí wọ́n to ìrọ̀rí mẹ́ta léra.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀, ni a gbà pé ó fà á. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹbí ń wádìí ẹni tó ṣe é. Kò sí ẹni tó ṣe é.

Oògùn kò lè sọ ọkàn yìí di tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń lò ó déédéé ni ara rẹ̀ ń balẹ̀ tó sì ń pẹ́ láyé. Fùrósẹ́máìdì yóò máa mú kí wọ́n tọ̀ dáadáa, nítorí náà òwúrọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó. Lisinópírílì àti bisopírólóólù ń dín wàhálà ọkàn kù. Bí ara bá tilẹ̀ yá, ẹ má ṣe dá wọn dúró. Bí lisinópírílì bá ń mú wọn húkọ́ gbígbẹ, ẹ sọ fún wa, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ dín iyọ̀ àti Mágì kù gan-an nínú ọbẹ̀ wọn. Ẹ má ra dikilófénákì tàbí ibupirófẹ́ẹ̀nì fún orúnkún tó ń dùn wọ́n, nítorí wọ́n ń dá omi dúró sí ara. Ẹ sì má fún wọn ní àgbo kankan láì bi wá.

Ẹ máa wọn ìwọ̀n ara wọn láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Bí ó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pè wá. Bí èémí bá há wọn níjòókòó, tí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí wọ́n bá dákú, ẹ gbé wọn wá lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.

A ó tún rí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti yẹ kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Kí ẹni tó ń fún wọn ní oògùn bá wọn wá, kí ó sì kó gbogbo páálí oògùn dání.

Èmi ni,
Dókítà tó ń tọ́jú Màmá, Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ọkàn