Lẹ́tà akápò sí gbogbo ọmọ ìjọ: bí a ṣe máa fi tiransifá san ọrẹ

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa ní Èbúté Mẹ́tta níbí, ẹ kú ìfaradà ọ̀wọ́n ọjà o.

Ọ̀rọ̀ tiransifá ló mú mi kọ̀wé. Owó ń wọlé, a dúpẹ́, àmọ́ tí mo bá ṣí sitétímẹ́ǹtì láàárọ̀ Mọ́ńdè, orúkọ àti iye owó nìkan ni mò ń rí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìdámẹ́wàá, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìdúpẹ́ àti èyí tí wọ́n ní ká fi ra páànù ilé ìjọsìn. Ẹnì kan fi 15,000 náírà ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, ohun tó kọ sí i ni "Baba o se". Àmín o, Baba ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ojú ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú ìwé owó.

Tẹ́ ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tán, ẹ dúró kí orúkọ jáde ná. Orúkọ ìjọ ló gbọ́dọ̀ jáde, tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn, ì báà jẹ́ tèmi, ì báà jẹ́ ti Pásítọ̀, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mi ò kọ nọ́ńbà náà síbí torí lẹ́tà ń rìn káàkiri Wáásáàpù, ẹnikẹ́ni lè yí i padà, ẹ lọ wò ó lára bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà àpótí kan wà tí wọ́n kọ `Narration` sí, áàpù míì ní `Remark`, òun la máa ń fò. Ẹ kọ ohun tí owó wà fún síbẹ̀ àti nọ́ńbà káàdì ìjọ yín, ẹ má fi àmì ohùn sí i, báńkì míì kì í gbà á:

```
IDAMEWA 114
ILE 114
```

Ó dáa kẹ́ ẹ yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ìjọba ń yọ náírà 50 lórí ẹyọ tiransifá kọ̀ọ̀kan tó bá ti tó 10,000, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pa á pọ̀ lè kọ ọ́ báyìí:

```
114 IDAMEWA 20000 ILE 10000
```

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń tajà l'Oyíngbò, tó jẹ́ fóònù ọmọ lẹ fi ń ránṣẹ́ àbí ọ̀dọ̀ oní-POS, nọ́ńbà káàdì yín ṣe kókó, torí orúkọ oní-POS ni mo máa rí, òun ni mo sì máa kọ ìdámẹ́wàá fún tí n kò bá ṣọ́ra!

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjọ́ Sọ́ńdè ńkọ́? Tí wọ́n bá ti yọ owó lọ́wọ́ yín tí kò tíì dé, ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ bi mí ná lẹ́yìn ìsìn, ó lè dé lọ́la, báńkì sì lè dá a padà. Rísíìtì náà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe orí gúrúùpù, gbogbo ayé kọ́ ló yẹ kó mọ iye tẹ́ ẹ san, èmi nìkan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Ẹni tó fẹ́ràn kéèṣì, àpò ọrẹ ṣì ń yí o. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sọnù, kó wá bá mi nídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, màá bá a wá nọ́ńbà rẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Akápò Ìjọ