Ìjábọ̀ láàbù: PARP-1 nínú kíndìnrín eku tó gba sisipílátìn, àti bándì méjì tí a ò retí

Ohun tí a ń wá ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àpópútósíìsì ni sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín àwọn eku ńlá tó gba sisipílátìn, oògùn jẹjẹrẹ, ń kú, ìyẹn ikú tí sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ṣètò, àbí wọ́n kàn ń bẹ́ ni, ìyẹn nẹkúrósíìsì. PARP-1, puròtéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, la fi wá a. Odidi ẹ̀ máa ń dúró níbi 116 kDa, tí káspéèsì-3, ẹ́ńsáìmù àpópútósíìsì, bá ti gé e ó di méjì, ọ̀kan á jẹ́ 89 kDa, ìkejì á jẹ́ 24 kDa. Áńtíbọ́dì tí a lò, ara eku kékeré ni wọ́n ti ṣe é, apá tó sì ń dì mú lára PARP-1 wà nínú ègé 89 yẹn, kò sí nínú ègé 24, nítorí náà bándì méjì péré ló yẹ ká rí, 116 àti 89. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa bá wa yanjú wàhálà tó wà nísàlẹ̀.

Bá a ṣe ṣe é: lẹ́ẹ̀nì 1 sí 3 jẹ́ eku tí kò gba nǹkan kan ju omi iyọ̀ lọ, 4 sí 6 gba sisipílátìn. Puròtéènì 30 µg ló wọ lẹ́ẹ̀nì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí a fi BCA wọ̀n ọ́n, a sè é nínú bọ́fà tó ní mákápítò-étánọ́ọ̀lù, a fi jẹ́ẹ̀lì 10% sáré ẹ̀, a gbé e sórí mẹ́ńbíréènì, a fi Pọ́nsò kùn ún, a ya fọ́tò, ká tó wá da mílíìkì bò ó. Áńtíbọ́dì kejì jẹ́ ti ewúrẹ́ tó ń dojú kọ IgG eku kékeré, ìyẹn áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ẹ́ńsáìmù HRP tó ń jẹ́ kí bándì hàn sì wà lára ẹ̀.

Áktìn, puròtéènì tó yẹ kó dọ́gba nínú gbogbo lẹ́ẹ̀nì, la kọ́kọ́ wò, kò sí ìdí ká máa sọ̀rọ̀ nípa PARP nígbà tí a ò tíì mọ̀ bóyá lẹ́ẹ̀nì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbé ẹrù kan náà. Àwòrán tí a dá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì rẹwà gan-an, gbogbo bándì 42 kDa dúdú kirikiri, wọ́n bára wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ìdọ́gba yẹn ò ṣeé gbára lé, torí bándì tó ti kún dé ojú àmì ò lè dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ẹni tó gbé púpọ̀ àti ẹni tó gbé díẹ̀ á kàn jọra wọn. Èyí tí a ya láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 ló sọ òótọ́. Nínú ImageJ, tí a bá fi lẹ́ẹ̀nì 1 ṣe 1.00, a rí 0.97, 1.04, 1.02, 0.61 àti 0.98 fún àwọn tó kù. Lẹ́ẹ̀nì 5 gbé ẹrù díẹ̀. Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé kì í ṣe sisipílátìn ló fa áktìn náà wálẹ̀, nítorí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ áktìn ò ní jẹ́ ẹlẹ́rìí rere mọ́ o. Fọ́tò Pọ́nsò ló dá wa lóhùn: gbogbo puròtéènì inú lẹ́ẹ̀nì 5 ló fẹ́lẹ́ láti òkè délẹ̀, kì í ṣe ibi áktìn nìkan, lẹ́ẹ̀nì 4 àti 6 tí wọ́n gba oògùn kan náà sì kún dáadáa. Ẹrù ló dín, kì í ṣe iṣẹ́ oògùn.

Bándì 89 ti lẹ́ẹ̀nì 4, 5 àti 6 ka 0.94, 0.55 àti 0.93. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó á ní eku karùn-ún ò fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn. Tí a bá fi áktìn tiẹ̀ pín in, ó di 0.92, 0.90 àti 0.95, wọ́n jọra pátápátá. Lẹ́ẹ̀nì 1 sí 3 ò kọjá 0.08. Ibi tí a ń wá nìyẹn, àpópútósíìsì wà níbẹ̀.

Ó wá ku bándì méjì tí a ò pè. Ọ̀kan wà níbi nǹkan bí 50 kDa, ìkejì níbi nǹkan bí 25, wọ́n hàn nínú gbogbo lẹ́ẹ̀nì àmọ́ wọ́n nípọn sí i nínú 4 sí 6. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn nọ́ńbà yẹn bá ìtàn wa mu jù. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú ikú nẹkúrósíìsì, àwọn ẹ́ńsáìmù inú láísósóòmù lè gé PARP-1 kó mú ègé bí 50 kDa jáde, 25 náà sì sún mọ́ ègé 24 ti káspéèsì débi pé téèyàn bá fẹ́ ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé "PARP-1 tí wọ́n gé" kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ lókè, áńtíbọ́dì wa ò lè rí ègé 24. Ìyẹn nìkan ti tó láti fura.

Ohun tí a fura sí ni IgG eku ńlá fúnra ẹ̀. Wọn ò fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú kíndìnrín wọ̀nyí kí wọ́n tó yọ wọ́n, IgG wà nínú ẹ̀jẹ̀, IgG eku ńlá sì jọ ti eku kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí áńtíbọ́dì kejì tí wọn ò tíì yọ́, ìyẹn tí wọn ò tíì yọ àwọn tó ń dì mọ́ puròtéènì eku ńlá kúrò nínú ẹ̀, fi lè dì í mú. Nínú bọ́fà tó ní mákápítò, IgG máa ń tú sí okùn wúwo, bí 50 kDa, àti okùn fúyẹ́, bí 25. Àwọn nọ́ńbà wa gan-an nìyẹn.

A dán an wò ní ọ̀nà mẹ́ta. A gbé mẹ́ńbíréènì mìíràn, sáńpù kan náà, a ò da áńtíbọ́dì PARP sí i rárá, ti kejì nìkan la dà: 116 àti 89 pòórá, 50 àti 25 jókòó síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, wọ́n ṣì nípọn sí i ní 4 sí 6. Ìyẹn nìkan ti gba ọ̀rọ̀ PARP kúrò lẹ́nu bándì méjèèjì. Lẹ́yìn náà a sáré sáńpù lẹ́ẹ̀nì 6 láìfi mákápítò sí i, bándì 50 àti 25 lọ, ọ̀kan yọ lókè níbi nǹkan bí 150 kDa, tí í ṣe odidi IgG tí wọn ò tú. Ìkẹta, a pààrọ̀ áńtíbọ́dì kejì sí èyí tí wọ́n ti fi puròtéènì ẹ̀jẹ̀ eku ńlá yọ́, bándì méjèèjì kú, 116 àti 89 dúró.

Pé wọ́n nípọn sí i nínú àwọn tó gba oògùn, àlàyé tó dà bíi pé ó bá a mu ni pé kíndìnrín tó ti fara gbọgbẹ́ máa ń jẹ́ kí ohun inú ẹ̀jẹ̀ jò wọ inú ẹran ara. Àdánwò wa ò fi ìyẹn hàn tààrà, nítorí náà a kò kọ ọ́ bí àbájáde.

Áktìn ò sí nínú ìṣòro yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé 42 sún mọ́ 50, torí áńtíbọ́dì áktìn tí a lò ti ní HRP lára tẹ́lẹ̀, kò lo áńtíbọ́dì kejì. Àwọn ìwọ̀n 89 tí a kọ sókè dúró bẹ́ẹ̀, torí 50 àti 25 ò wọ inú ìṣirò kankan. Odidi mẹ́ńbíréènì la fi sínú àwòrán 1, a ò gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò, a fi àmì sí bándì méjèèjì, ti áńtíbọ́dì kejì nìkan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí ẹni tó bá ń kà á lè fi ojú ara ẹ̀ rí i. Fún àwọn eku tó kàn, a ó fi omi iyọ̀ fọ kíndìnrín láti inú ọkàn kí a tó yọ ọ́, áńtíbọ́dì kejì tí wọ́n ti yọ́ ni a ó sì máa lò.