Ta Ló Yẹ Kó Gún Aboyún Lábẹ́rẹ́ Lábúlé?

Ìgboro ni dókítà àti agbẹ̀bí pọ̀ sí. Aboyún tó wà lóko kì í rí wọn. Ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi gbé ìlànà jáde ní 2014 pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, tí wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, máa bá wọn ṣe lára iṣẹ́ náà. Ìlànà yẹn tọ̀nà, àmọ́ iṣẹ́ kan wà tó yẹ kó dé ọwọ́ wọn, òmíràn wà tí kò yẹ.

Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ẹ̀rí ti dán jù. Ní abúlé Kànàtákà ní Íńdíà, àwọn igbákejì agbẹ̀bí fún àwọn tó ń bímọ ní misopurósítóólù, oògùn tó ń mú ilé ọmọ fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má dà jù, 600 máíkírógíráàmù. Èsì rẹ̀ jáde ní 2006: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà jù dín kù láti 12 nínú 100 sí bíi 6. Ẹnu ni wọ́n ń lò ó, kò sì bèèrè fíríìjì bíi ti ọ́sítósìn, abẹ́rẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àmọ́ bí ìbejì bá wà níbẹ̀, tí wọ́n lò ó kí Kẹ́hìndé tó jáde, ilé ọmọ lè fún pọ̀ títí yóò fi ya. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ yẹ ikùn wò dáadáa kí oògùn tó kan ẹnu. Gbígbọ̀n àti ara gbígbóná tó máa ń tẹ̀lé e kì í pẹ́ lọ.

Mágínísíọ́mù sọ́lféètì, abẹ́rẹ́ fún gìrì tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún rìn, ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: àwọn nọ́ọ̀sì kan ń ta kò ó pé kí òṣìṣẹ́ agbègbè máa gún un. Ìwádìí kan tó kó aboyún tó lé ní 10,000 jọ fi hàn ní 2002 pé ó ń dín ewu gìrì aboyún kù sí bíi ìdajì. Gíráàmù 10 ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tó lè gún un sí iṣan ẹ̀jẹ̀: 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ti òsì, kí ọkọ̀ sì gbéra lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi òmíràn kún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka èémí, kó má dín ní 16 ní ìṣẹ́jú kan. Kó lu orúnkún bóyá ó ṣì ń ta. Kó sì wo ìtọ̀, ó kéré tán mílílítà 30 ní wákàtí kan. Bí oògùn náà bá pọ̀ jù tí èémí ń lọ sílẹ̀, kálísíọ́mù gúlúkónéètì gíráàmù 1 ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ máa ń kọ́ni ní gígún, wọ́n á fi kíka èémí sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ta kò ó ti jàre.

Wọ́n tún ní ẹ̀rí mìíràn. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Mòsáńbíìkì, Pakísítánì àti Íńdíà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, ní kí òṣìṣẹ́ agbègbè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n lo oògùn, kí wọ́n sì darí aboyún síwájú sí ilé ìwòsàn. Ikú àti ìpalára kò dín kù lọ́nà tó hàn gbangba. Lójú tiwa, ohun tó sọ ni pé ìdarísíwájú kò níyì bí ilé ìwòsàn tó wà níwájú kò bá ní ẹ̀jẹ̀ àti oníṣẹ́ abẹ. Kò sọ pé òṣìṣẹ́ náà kò mọ iṣẹ́.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí ńkọ́? Àkójọ ìwádìí kan ní 2011 kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú ikú ìyá láàárín dókítà àti àwọn oníṣègùn tí kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n egbò tó ń kẹ̀ àti èyí tó ń tú pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn kejì. Ọdún gbọọrọ ni àwọn yẹn fi kọ́ iṣẹ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn kẹ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ kí wọ́n máa gún mágínísíọ́mù, kó fi kálísíọ́mù sínú àpótí kan náà, kó gbé aago olójú ìṣẹ́jú àáyá kọ́ ara ògiri, kó sì ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ owó epo ṣáájú. Ibi tí mẹ́ta yìí kò bá pé, kí wọ́n fi misopurósítóólù bẹ̀rẹ̀.