Owó Dà? Ìbẹ̀rẹ̀ ètò kìíní, àti bí abala "Ogún Dogójì" yóò ṣe máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Atọ́kùn, àwọn ayàwòrán méjèèjì àti ẹni tó ń gé fídíò la kọ ìwé yìí fún. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni ètò wa, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni yóò máa jáde.

KÍ ORÚKỌ ÈTÒ TÓ JÁDE (ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀)

Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn, aago méje àárọ̀. Kò sí orin, ariwo ọjà nìkan. Kámẹ́rà ti sún mọ́ káàdì àjọ kan tí epo ti kàn nígun. Ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ti fa mẹ́sàn-án. Bíírò wọlé, ó fa ìkẹwàá. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó rí ojú èèyàn.

ALÁJỌ: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ajé á wọgbá.

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́: Àṣẹ o, bọ̀dá alájọ. (Ó tú etí ìró, ó yọ ẹgbẹ̀rún kan.) Gba tòní.

OHÙN ATỌ́KÙN (a ò rí i): Màmá, tí káàdì yìí bá kún, èló lẹ máa gbà?

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́: Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

OHÙN ATỌ́KÙN: Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ lẹ dá?

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́: Ẹgbẹ̀rún kan tó kù, tiẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi ń wá a.

(Aláàárù tó gbé àpò ẹ̀lùbọ́ dé bú sẹ́rìn-ín.)

ALÁÀÁRÙ: Màmá, ẹ wá ń sanwó fún èèyàn kó lè bá yín tọ́jú owó yín? Ẹ ò kúkú fi sílé.

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́: Ilé kẹ̀? Owó tó bá sùn nílé mi, kílẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan á ti fẹ́ ra ìwé, ẹnì kan á ní bàtà òun ti já.

(Fóònù aláàárù dún. Ó wò ó, ó dojú ẹ̀ dé lórí àpò. Ó tún dún.)

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́: Ta ni?

ALÁÀÁRÙ: Àwọn áàpù tó ń yáni lówó ni. Wọ́n ní ọ̀la ni.

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́: Èló lo yá?

ALÁÀÁRÙ: Ogún ẹgbẹ̀rún.

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́: Èló ló tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́?

(Kò dáhùn. Ayàwòrán, má gbé ojú kúrò lára ẹ̀. Ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara ẹ.)

ATỌ́KÙN (ó kọjú sí kámẹ́rà fún ìgbà àkọ́kọ́): Owó dà?

Ojú àwòrán ṣókùnkùn. Orúkọ ètò jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, a ò ní fi ìmọ̀ràn kankan kún un níbí. Nínú ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ kọ, atọ́kùn ń ṣàlàyé ewu gbèsè fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí mo kà á sókè, àfi bíi bàbá ìjọ. Mo ti yọ ọ́. Bí màmá bá sì fẹ́ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́nà mìíràn, ẹ má dá a dúró.

ABALA "OGÚN DOGÓJÌ" (ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀)

Àwọn àgbà ń pe ayánilówó tí èlé ẹ̀ le ní sọgúndogójì: ogún ló yá ọ, ogójì ló máa gbà. Ibẹ̀ la ti mú orúkọ abala yìí. Àlejò kan, ìwé kan. Ìwé yẹn lè jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, káàdì àjọ, ìwé ilé tàbí ìwé kóópù, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àlejò gan-an. Ẹni tó kàn fẹ́ wá sọ̀rọ̀ owó lásán, tí kò níwèé lọ́wọ́, kó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ mìíràn.

Orí tábìlì ni àtẹ funfun kan àti ife ẹ̀wà kan wà. Ẹ̀wà kan dúró fún ẹgbẹ̀rún náírà kan. Nígbà owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan ni wọ́n ń pe ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000. Kí atọ́kùn máa lo ọ̀rọ̀ yẹn bó bá ti bọ́ sí i. Àlejò fúnra ẹ̀ ni yóò ka ẹ̀wà. Atọ́kùn ò gbọdọ̀ bá a kà á, kódà bó bá ṣì í kà.

Bí ti ọ̀sẹ̀ kìíní yóò ṣe lọ nìyí, pẹ̀lú aláàárù yẹn:

ATỌ́KÙN: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Èló lẹ béèrè lọ́wọ́ wọn?

ALÁÀÁRÙ: Ogún ẹgbẹ̀rún.

ATỌ́KÙN: Ọ̀kẹ́ kan nìyẹn. Ẹ kó o sórí àtẹ. (Ó ka ogún ẹ̀wà.) Èló ló wọ àkáǹtì yín?

ALÁÀÁRÙ: Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ti yọ tiwọn níbẹ̀rẹ̀.

ATỌ́KÙN: Ẹ yọ tiwọn sọ́tọ̀. (Ẹ̀wà mẹ́ta kúrò lórí àtẹ.) Èló lẹ máa dá padà?

ALÁÀÁRÙ: Ogún náà ni.

ATỌ́KÙN: Ọjọ́ mélòó?

ALÁÀÁRÙ: Mẹ́rìnlá.

ATỌ́KÙN: Lọ́jọ́ kẹrìnlá, tí owó ò bá sí ńkọ́?

ALÁÀÁRÙ: Èèyàn á yá òmíràn fi san án ni.

ATỌ́KÙN: Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyẹn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ọdún. Ẹ máa ka ẹ̀wà mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ má gé ìkà yìí kúrú. Ó máa pẹ́, ó máa súni, ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn. Tí ó bá parí, ẹ̀wà méjìdínlọ́gọ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́tàdínlógún: 78,000 náírà lórí owó tí kò ju 17,000 lọ, gbèsè 20,000 sì ṣì wà nílẹ̀. Kámẹ́rà kejì, láti òkè, fi òkìtì méjèèjì hàn pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni atọ́kùn yóò gbé káàdì màmá kalẹ̀, tí yóò fi ẹ̀wà kan ṣoṣo sórí ẹ̀. Ẹ̀yin náà á rí i pé ńṣe ni màmá ń fi owó pamọ́, kì í ṣe pé ó ń yá owó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí atọ́kùn sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí a fẹ́ kó hàn ni pé màmá mọ iye tó ń san kó tó fi owó sílẹ̀. Kí atọ́kùn sì sọ apá kejì láìfi bò: bí alájọ bá gbówó sá lọ, kò sẹ́ni tó máa dá a padà. Ti báńkì yàtọ̀. Láti 2024, bí báńkì ńlá bá kógbá sílé, àjọ NDIC ń dáàbò bo owó oníbàárà títí dé mílíọ̀nù 5 náírà. Ti báńkì kéékèèké, maikirofáínáǹsì, jẹ́ mílíọ̀nù 2.

Àtẹ kan náà la máa lò lọ́sẹ̀ kejì fún owó ilé: ẹ̀wà onílé lọ́tọ̀, ti àjẹ́ǹtì lọ́tọ̀, ti àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló wù mí jù. Èèyàn mẹ́wàá tó ń dá èsúsú, 10,000 lóṣù, jókòó yí tábìlì ká. Ẹni tó kọ́kọ́ kó 100,000, gbèsè tí kò ní èlé ló jẹ. Ẹni tó kó gbẹ̀yìn ló ń yá gbogbo wọn lówó. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe pín ipò, kí ẹ sì wò bí wọ́n ṣe máa wojú ara wọn.

Ohun tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: ẹ bo nọ́ńbà fóònù àti orúkọ tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, torí àwọn ayánilówó kan máa ń kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ajigbèsè láti dójú tì í, a ò ní bá wọn ṣe é. A ò gba ìpolówó lọ́wọ́ ẹni tó ń yáni lówó, tàbí ẹni tó ní òun á sọ owó di ìlọ́po méjì. Àlejò tó bá dàgbà ju atọ́kùn lọ, Màmá tàbí Bàbá ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a rí ojú òun, ọwọ́ ẹ̀ àti ẹ̀wà ti tó.

Ẹ̀wà olóyin ni kẹ́ ẹ rà. Funfun kì í hàn lórí àtẹ funfun.