Lẹ́tà sí Bàbá Onílé Lórí Omi Tó Ń Jò sí Àjà Ilé

Fúláàtì òkè, apá ọ̀tún,
Òpópónà Ìjọ̀kà,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Bàbá wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ilé, ẹ kú àbójútó. Mo gbàgbọ́ pé ara Màmá ti le dáadáa nílùú Oǹdó lọ́hùn-ún. Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ló mú mi kọ̀wé sí yín, sà. Láti ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò ti dé ni omi ti ń jò wọlé, èyí tó sì rọ̀ mọ́jú Sátidé ló wá bá wa fínra gan-an. Mo fi fọ́tò mẹ́rin sórí Wọ́sáàpù yín, mo sì tẹ̀ wọ́n mọ́ lẹ́tà yìí, kí ẹ lè fojú ara yín rí i.

Àkọ́kọ́ ni àjà yàrá àwọn ọmọ. Àmì omi tó wà níbẹ̀ fẹ̀ tó atẹ elépo, etí rẹ̀ pọ́n, àárín rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Pátákó náà ti wú, ó sọ̀ wálẹ̀ débi pé ìṣó ti yọ létí kan. Mo fi igi ìgbálẹ̀ kàn án, ńṣe ló ń tẹ̀ wọlé. A ti kó àwọn ọmọ lọ sí pálọ̀. Èkejì ni ògiri kọ́rídọ̀ tí omi ṣàn gbà. Ẹ̀kẹta ló ń já mi láyà jù, sà: ìdí gílóòbù ni omi ń gbà kán sílẹ̀. A ti pa iná yàrá náà látinú mítà, a ò sì ní tàn án títí ẹni tó mọ̀ nípa iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Káfíńtà tó gun òkè ló ya ẹ̀kẹrin. Ìṣó páànù ti dípẹtà, rọ́bà ìdí wọn ti jẹ tán, páànù méjì sì ti ṣí kúrò lórí ara wọn. Ẹ ṣeun tí ẹ rán ọlọ́dà wá lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ibi tó kùn náà ni omi tún gbà yọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tún òrùlé ṣe ná, ká tó pààrọ̀ pátákó àjà. Tá a bá fi tuntun síbẹ̀ lábẹ́ páànù yìí, owó yín ló máa ṣòfò.

78,000 náírà ni káfíńtà náà pè é, iṣẹ́ àti ohun èlò. Tí ẹ bá ní oníṣẹ́ tiyín, ẹ rán an wá. Tó bá sì rọ̀ yín lọ́rùn kí n kọ́kọ́ san án, ká yọ ọ́ nínú owó ilé oṣù Kìíní, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí n tó náwó kankan. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, torí òjò ṣì ń bọ̀.

Mo wà nílé lójoojúmọ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin, àti ní Sátidé látàárọ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá o.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Tọ́lá