Bàbá Màí Dínkì Pé Ọgọ́ta Ọdún

Bàbá mi, ẹ kú ọdún ọgọ́ta. Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀ffà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi ni yóò ka èyí fún yín, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sáré kà á.

Ẹ̀yin èèyàn tí ẹ jókòó sí Kubwa lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo agbádá tó wà lọ́rùn bàbá mi. Ṣáda ni, yáàdì mẹ́wàá ló gbà pẹ̀lú bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Àwọn fúnra wọn ló gé e. Iṣẹ́ ọrùn rẹ̀, aska biyu ni, ọnà ọ̀bẹ méjì ti àwọn Hausa, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Kí wọ́n tó rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà pọ̀ ni wọ́n ti gbé e fún oníṣẹ́ ọrùn, torí tí ẹ̀gbẹ́ bá ti pọ̀ tán, aṣọ kì í tẹ́ sílẹ̀ mọ́, abẹ́rẹ́ á sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí agbádá ẹlòmíràn bá ń wọ́ lọ́rùn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò.

Dádì, oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó láti Èkó wá sí Àbújá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni yín nígbà náà, ẹ sì tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó bọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ yín dání. Ẹ̀rọ yẹn ò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ilé ìwé wa ti inú rẹ̀ jáde, sáà dé sáà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ yín, torí ẹ̀yin kì í fi í yangàn. Ẹ kì í wọn oníbàárà láìwọ bàtà, torí bàtà ló ń sọ ibi tí ṣòkòtò máa dúró sí. Ẹ ó ní kó na apá méjèèjì, ẹ ó wọn ọn láti ọrùn ọwọ́ kan dé èkejì, torí èjìká nìkan ò lè sọ bí agbádá ṣe máa gbòòrò tó. Bó bá jẹ́ oníkùn ńlá, ẹ ó fi ìnṣì méjì kún gígùn iwájú bùbá, kí etí rẹ̀ má baà gòkè níwájú. Ẹ kì í sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọ̀wọ̀ ni mo kà á sí.

Àǹkárá, ẹ ó kọ́kọ́ rì í sómi mọ́jú, ẹ ó sá a sí ibòòji, kó lè sún kì nísinsìnyí dípò kó sún kì lára ẹni tó ni ín. Ṣáda ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi, dídán rẹ̀ á lọ. Láàárọ̀, bí ọyẹ́ bá ti gbé eruku wọ ẹ̀rọ, ẹ ó nù ún, ẹ ó fi òróró sí i, ẹ ó wá rán àkísà títí òróró ò fi ní hàn mọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ funfun ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni àpò aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àjẹkù aṣọ wà níbẹ̀, ìdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé pélébé tí ẹ kọ orúkọ olówó rẹ̀ sí. Ìbáà ṣe ìdajì yáàdì, ẹ ó dá a padà. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó pa ìwé àkọsílẹ̀ dé. Àwọn kan á bínú lọ, wọ́n á tún padà wá lẹ́yìn ọdún, torí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá dá, ọjọ́ yẹn ni aṣọ á délé. Orúkọ yẹn ni àwọn Hausa ládùúgbò ń pè, "Bàbá Màí Dínkì," ìyẹn Bàbá Aránṣọ, èmi náà sì ń jẹ nínú rẹ̀ níbi tí mo wà.

Màmá mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin lẹ ń jí sí bọ́tìnnì àti ìlọ́po etí aṣọ lóru láìgba kọ́bọ̀.

Dádì, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò kí oṣù yìí tó parí. Kì í ṣe dígí nìkan o. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ẹyin ojú pẹ̀lú. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní gilọ́kómà kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ló sábà ti ń jẹ ìríran wọlé, èyí tó bá sì ti jẹ kì í padà. Mo ti fi iná oníbátìrì kan ránṣẹ́, ó wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ọwọ́ òsì ẹ̀rọ ni kí ẹ gbé e kọ́, kí òjìji ọwọ́ yín má baà bo abẹ́rẹ́.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Mo ń bọ̀ lọ́dún Kérésì, kí ẹ ti wọn ọkọ mi sílẹ̀ lọ́kàn: ó ti sanra díẹ̀.

Ọmọbìnrin yín àgbà.