Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ láti ọjọ́ ìbí títí di ọdún kan, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí ìgbà kan bá fò yín

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọmọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ fi ìwé yìí sínú káàdì ọmọ yín. Ìlànà ilé ìwòsàn wa ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ibòmíràn kó wá, ẹ mú káàdì ti ọ̀hún dání, ká lè so méjèèjì pọ̀.

Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kìíní 2026, ni ẹ bí ọmọ. Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kó gba mẹ́ta: BCG fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní apá òsì; ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ sí ẹnu; àti abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ hẹpatáítìsì B. Kí hẹpatáítìsì yìí má kọjá wákàtí 24, nítorí ìyá lè ní àrùn náà lára láìmọ̀, kó sì ran ọmọ nígbà ìbí.

Ọ̀sẹ̀ 6, 17 Oṣù Kejì: abẹ́rẹ́ Pẹ́ntá àkọ́kọ́ ní itan. Àrùn márùn-ún ni Pẹ́ntá kan ń dènà: difitéríà tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ líle tó ń gba èémí lẹ́nu ọmọ, hẹpatáítìsì B, àti kòkòrò Hib tó ń fa òtútù àyà àti yírunyírun. Ọmọ á tún gba abẹ́rẹ́ òtútù àyà ní itan kejì, abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, àti ẹ̀kán rota fún ìgbẹ́ gbuuru. Ó pọ̀ lójú, àmọ́ ara ọmọ gbà á. Ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu bí a bá ń gún un. Ẹkún náà kì í pẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 10, 17 Oṣù Kẹta: bíi ti ọ̀sẹ̀ 6, àfi abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 14, 14 Oṣù Kẹrin: Pẹ́ntá kẹta àti àwọn yòókù, abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ sì tún padà. Irú ẹ̀kán rota tó bá wà nílẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Oṣù 6: fítámínì A. Oṣù 9, 6 Oṣù Kẹwàá: èéyi, ibà pọ́njú àti yírunyírun. Ibí yìí làwọn ìyá ti ń sá fún wa jù, nítorí ọmọ ti ń rákò, ara rẹ̀ sì le. Èéyi kò mọ èyí tí ara rẹ̀ le.

Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀, kí ojú abẹ́rẹ́ sì wú, fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí abẹ́rẹ́ èéyi bá mú nǹkan wẹ́wẹ́ sú sí i lára lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ojú BCG máa ń di egbò kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀: ẹ má fi ohunkóhun pa á, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ bí gìrì bá mú ọmọ, bí ojú rẹ̀ bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e wá kíá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ìgbà kan fò. Ẹ ṣáà gbé ọmọ wá. A kì í bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí a dé ni a ó ti máa bá a lọ. Ọmọ tó gba Pẹ́ntá kan ní ọ̀sẹ̀ 6, tí a kò rí i mọ́ títí ó fi pé oṣù 5, ìkejì ló máa gbà lọ́jọ́ tó bá dé, ìkẹta á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, kì í ṣe kó tó pé bẹ́ẹ̀. Bó bá ti lé ní oṣù 9, a lè fún un ní ti èéyi lọ́jọ́ kan náà. Ti rota, a máa ń wo ọjọ́ orí ọmọ kí a tó fún un.

Ọ̀fìnkìn, ikọ́ díẹ̀ tàbí ara gbígbóná díẹ̀ kì í ṣe ìdí láti dúró sílé. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí ẹ tó bí i náà, ọjọ́ ìbí rẹ̀ la máa ń kà. Bó bá ṣe gìrì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan rí, ẹ sọ fún wa kí a tó gún òmíràn.

Bí káàdì bá sọnù, ẹ sọ ọjọ́ ìbí ọmọ fún wa, a ó wo ìwé ńlá. Èyí tí a kò bá rí níbẹ̀, a ó kà á sí pé kò gbà á, a ó sì fún un. Àgbàtúngbà kò ṣe é ní nǹkan. Ẹni tí nọ́ọ̀sì kan ti bá wí rí nítorí pé ó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn sé ọmọ mọ́lé. Ìkejì èéyi sì ń bọ̀ ní oṣù 15. A ó kọ ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn káàdì kí ẹ tó lọ.